Ọ̀pá Tàbí Ìlà: Èwo Ló Yẹ Ọjà Tí A Tà?

Ká ní oníṣòwò kan ń ta ọṣẹ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Òṣogbo, ó sì fẹ́ fi àwòrán ṣàlàyé bí ọjà ṣe tà láti 2019 dé 2024. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ya ọ̀pá kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì to ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra wọn nínú rẹ̀. Ọ̀pá yìí ń fi àpapọ̀ ọjà hàn dáadáa, àti ti ìlú tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tó wà lókè ló ń tan ojú jẹ. Bí Ìbàdàn tó wà nísàlẹ̀ bá kúrò ní páálí 400 bọ́ sí 600, tí Àkúrẹ́ tó wà lórí rẹ̀ sì já wálẹ̀ láti 200 sí 150, orí Àkúrẹ́ á ṣì gòkè láti 600 sí 750. Ẹni tó ń wò ó á rò pé Àkúrẹ́ ń gbèrú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà ibẹ̀ ń jó rẹ̀yìn.

Ìlà ló yẹ iṣẹ́ yìí. Kọ ọdún sí ìsàlẹ̀, iye páálí sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ìlà Àkúrẹ́ á wálẹ̀ kedere.

Bí ìlú bá di mẹ́wàá, àwọn ìlà á lọ́ mọ́ra. Nígbà náà, ya àwòrán kékeré kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, kí òṣùwọ̀n gbogbo wọn sì dọ́gba. Bí òṣùwọ̀n bá yàtọ̀ síra, ìlú tó ta páálí 50 lè ga bí èyí tó ta 600.