Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Náà Sùn: Bí Bátìrì Kan Ṣe Lè Gbé Sẹ́ńsọ̀ fún Ọ̀pọ̀ Oṣù

Ẹni tó ń sin ẹja mọ̀ pé bí omi bá ti gbóná jù, atẹ́gùn inú rẹ̀ á dínkù, ẹja á sì máa yọ ẹnu sókè. A lè fi ẹ̀rọ kékeré kan ṣọ́ omi náà: sẹ́ńsọ̀ DS18B20 tó ń wọn ìgbóná, ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ESP32, àti bátìrì 18650 kan, irú èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì alágbára. Ẹ̀rọ yìí á máa fi Wáì-fáì sọ bí omi ṣe gbóná tó fún olóko lórí fóònù rẹ̀.

Bátìrì náà ló máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní ohun tó gbà jẹ́ 2600 mílíáńpù-wákàtí. Bí ESP32 bá jí sílẹ̀ tọ̀sán tòru, tí Wáì-fáì rẹ̀ ò sì kú, ó lè máa mu nǹkan bí 100 mílíáńpù. Wákàtí 26 péré, bátìrì ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ omi adágún kì í ṣàdédé gbóná láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ni ẹ̀rọ ń jí ṣe?

Oorun ni ká fún un, oorun àsùnwọra. Nígbà náà, ọpọlọ rẹ̀ àti rédíò rẹ̀ á kú pátápátá, aago kékeré kan ṣoṣo ló máa kù tó ń ka àkókò. ESP32 tó sùn báyìí ń mu nǹkan bí 0.01 mílíáńpù, ìyẹn ìdá kan nínú 10,000 ohun tó ń mu nígbà tó jí. Ìlà méjì ló ń fi í sùn fún ìṣẹ́jú 15:

```
esp_sleep_enable_timer_wakeup(900ULL * 1000000ULL);
esp_deep_sleep_start();
```

900 ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó máa fi sùn. Bó bá jí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ á ti tún bẹ̀rẹ̀, á sì ti gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, àfi èyí tí a bá kọ `RTC_DATA_ATTR` sí níwájú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ká ní ó ń jí ní ìṣẹ́jú 15 síra, tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 5 wọn omi, tó wọ Wáì-fáì, tó sì fi iṣẹ́ jẹ́, tó ń mu 120 mílíáńpù lásìkò yẹn. Bí a bá tú ìyẹn ká sórí ìṣẹ́jú 15, 0.67 mílíáńpù ni. Tí a bá fi ti oorun kún un, 0.68. Ẹ pín 2600 sí 0.68, ẹ ó rí i pé ó tó oṣù márùn-ún.

Ẹ kíyè sí i pé oorun ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wa ní nǹkan kan. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún yẹn ló jẹ bátìrì, Wáì-fáì ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà, kó máa wọn omi ní ìṣẹ́jú 15 síra láìtan rédíò, kó tọ́jú ohun tó rí, kó sì fi mẹ́rin ránṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan. Tí wíwọ̀n lásán bá gba ìṣẹ́jú-àáyá kan ní 40 mílíáńpù, ìṣirò náà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.22, oṣù márùn-ún á sì di oṣù mẹ́rìndínlógún. Orí ìwé nìyẹn o: bátìrì máa ń dínkù fúnra rẹ̀, a kì í sì í lè fa gbogbo iná inú rẹ̀ tán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe gbogbo èyí, síbẹ̀ bátìrì wọn ò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ yẹ pátákó tí ESP32 jókòó lé wò. Iná pupa kékeré kan ń tàn níbẹ̀, kò sì sùn. Ẹ̀yà AMS1117 tó ń dín agbára iná kù lè dá nìkan mu mílíáńpù 5, yálà ọpọlọ sùn tàbí kò sùn. Mítà ló máa tú àṣírí: ẹ já wáyà tó ti ẹnu bátìrì wá, kí ẹ sì fi mítà sáàárín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi wáyà kan so ẹnu mítà méjèèjì pọ̀, torí bí rédíò bá tàn lójijì, mítà tí a fi sí ìwọ̀n kékeré á dènà iná, ọpọlọ á sì máa kú, á máa jí. Bó bá ti sùn ni kí ẹ tó yọ wáyà náà, kí ẹ ka ohun tí mítà sọ. Tó bá jẹ́ 8 tàbí 10 mílíáńpù lẹ rí, pátákó ni ẹlẹ́bi. Ẹ lo ESP32 tó dá wà, pẹ̀lú ẹ̀yà adínná tí kì í mu ju ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ tó lè fún rédíò ní 500 mílíáńpù bó bá béèrè.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ NEPA. Bí wọ́n bá mú iná lọ, Wáì-fáì ilé á kú, ẹ̀rọ tó jí ò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí a ò bá ti sọ fún un pé kó dẹ́kun, yóò máa wá a kiri, kò ní sùn mọ́, àìsí iná ọjọ́ kan ṣoṣo sì tó láti gbẹ bátìrì tó yẹ kó lo ọdún kan. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí kò bá rí Wáì-fáì, kó fi ohun tó wọ̀n pamọ́, kó padà sùn, kó tún gbìyànjú ní wákàtí tó ń bọ̀. Ibi ìpamọ́ tí oorun kì í pa rẹ́ yẹn gba ohun tó wọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí iná bá dé.