Ìméèlì Tí Télọ̀ Lè Fi Wọ Hòtẹ́ẹ̀lì

Bí ẹ bá wọ hòtẹ́ẹ̀lì alábọ́ọ́dé kan ní Ìbàdàn, irú èyí tó ní bí 40 yàrá, ẹ fara balẹ̀ wo aṣọ ọrùn àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni méjì tó ń gbé oúnjẹ lè jọ wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà, kí ti ẹnì kan ṣì pọ́n dáadáa, kí ti ẹnì kejì sì ti ṣá. Ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa tún yàrá ṣe lè wà nínú ẹ̀wù ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀, kí èjìká rẹ̀ já wálẹ̀, kó sì fi pín-ìnnì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mánéjà náà ń rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó rán aṣọ náà fún wọn níbẹ̀rẹ̀ kì í gba iṣẹ́ ẹ̀wù méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ló ń wá. Òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní tiwọn kì í sábà pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹnì kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń dé, ara wọn kò sì rí bákan náà.

Àyè yìí gan-an ni télọ̀ tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ìméèlì tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi ránṣẹ́ kì í dárúkọ ẹ̀ rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọdún tí wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń rán aṣọ ìyàwó, yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé, kọ́tìnì àti aṣọ àga, wọ́n á wá da ọ̀rọ̀ kan náà sọ́wọ́ 60 hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà. Gmail lè ti jù ú sínú Spam kó tó dé ojú ẹnikẹ́ni. Bó bá sì dé ojú ẹni, ẹni náà á rí i pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ta ni kí ẹ wá kọ ọ́ sí? Àdírẹ́sì tí hòtẹ́ẹ̀lì máa ń gbé síta, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú info@, ọwọ́ àwọn tó ń gba àlejò ló ń bọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ gba yàrá ni wọ́n ń retí níbẹ̀. Ìméèlì nípa aṣọ kò ní ẹni tí yóò gbé e dé iwájú ọ̀gá. Nítorí náà, ẹ fóònù kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ìbéèrè kan péré ló wà níbẹ̀: "Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bójú tó yunifọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ yín?" Ní ilé kékeré, ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì tàbí mánéjà rẹ̀ ni. Ní èyí tó tóbi díẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ra nǹkan fún ilé, ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá ṣe ni èmi yóò kọ́kọ́ wá. Abẹ́ rẹ̀ ni lọ́ńdìrì sábà máa ń wà, òun ló sì mọ ẹ̀wù tó ti ya. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ìméèlì rẹ̀ tààrà.

Kí lẹ fẹ́ fi lọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ní Mókọ́lá ṣe àpẹẹrẹ, tí ọ̀gá ibẹ̀ ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta, tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè parí ẹ̀wù àti ṣòkòtò kan lóòjọ́. Lọ́jọ́ mẹ́fà, aṣọ 18 ni wọ́n lè rán. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fojú sùn ní òṣìṣẹ́ 28. Aṣọ mẹ́ta ló yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan ní lọ́ńdìrì, ọ̀kan lórí pẹpẹ. Èyí jẹ́ aṣọ 84, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣàìsàn, tí iná kò sì dá wọn dúró. Bí wọ́n bá ṣèlérí ọ̀sẹ̀ méjì lórí rẹ̀, wọ́n ti ba orúkọ ara wọn jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni kí wọ́n dárúkọ: obìnrin mẹ́jọ tó ń tún yàrá ṣe, aṣọ mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 24 lápapọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un, àyè àtúnṣe sì ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ télọ̀ ń fojú kéré, nítorí oníbàárà ilé kì í fọ ẹ̀wù bí hòtẹ́ẹ̀lì ṣe ń fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná, ọṣẹ líle àti áyọ́ọ̀nù ńlá ni, lójoojúmọ́. Òwú pọ́ńbélé tutù sára lóòótọ́, àmọ́ ó ń súnkì, ó sì tètè ń rún. Èyí tí wọ́n fi òwú àti pọlíẹ́sítà hun pọ̀ ló sábà ń gba ìyà náà. Ẹ má gba ẹnu oníṣòwò Gbági gbọ́ lórí èyí o. Ẹ gé ègé kan tó jẹ́ ínṣì 12 ní gígùn àti ìbú, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná nígbà mẹ́wàá, ẹ lọ̀ ọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó tún un wọ̀n. Bó bá ti di ínṣì 11 àbọ̀, ṣòkòtò tó gùn ní ínṣì 40 yóò fi ju ínṣì kan àbọ̀ lọ kúrú, ọ̀rùn ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ yóò sì yọ síta kí oṣù tó parí. Ẹ kán jíìkì sí etí ègé náà pẹ̀lú. Jíìkì ni wọ́n fi ń fọ ilé ìwẹ̀, tó bá sì ta sí aṣọ dúdú, àmì rẹ̀ kì í lọ. Bí àwọ̀ tí hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ kò bá gba jíìkì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó yàn án.

Ìgbà kan náà ni kí ẹ ra gbogbo aṣọ náà. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò kan gba bíi yáàdì mẹ́ta àbọ̀, bí ìbú aṣọ bá jẹ́ ínṣì 60. Aṣọ 24 yóò gba yáàdì 84. Èmi yóò ra 100, n ó sì tọ́jú 16 tó ṣẹ́kù, nítorí àwọ̀ tí iléeṣẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan kì í bá èyí tí wọ́n pa lẹ́ẹ̀mejì mu délẹ̀délẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì inú yàrá oúnjẹ fi rí bí wọ́n ṣe rí. Yáàdì 16 yẹn tó aṣọ mẹ́rin fún ẹni tuntun, òun gan-an sì ni ọjà tí ẹlòmíràn kò lè tà fún hòtẹ́ẹ̀lì yìí.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè kọ ìméèlì. Ní ọ̀pọ̀ ilé, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí rèé:

Àkọlé: Aṣọ àwọn tó ń tún yàrá ṣe, ọ̀kan fún àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.

Télọ̀ ni mí ní Mókọ́lá. Mo fóònù sí hòtẹ́ẹ̀lì yín lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ní ẹ̀yin lẹ ń bójú tó yunifọ́ọ̀mù.

Àwọn tó ń tún yàrá ṣe ni a fẹ́ ránṣọ fún. A ó wá wọ̀n wọ́n níbi iṣẹ́ yín, a ó sì kó aṣọ 24 dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá gba ẹni tuntun, a ó rán tirẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, nínú aṣọ kan náà tí a ti tọ́jú sílẹ̀. A ti fọ aṣọ náà nínú omi gbígbóná nígbà mẹ́wàá, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Ṣé kí n mú ọ̀kan wá lọ́jọ́bọ̀, kí òṣìṣẹ́ yín kan fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan? Ẹ kò ní san nǹkan kan. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà.

Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wa, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wa ní CAC wà nísàlẹ̀ yìí.

Ó parí síbẹ̀. Ẹ ó rí i pé kò sí iye owó níbẹ̀. Àwọn kan gbà pé ó yẹ kó wà, ṣùgbọ́n owó tí ẹ kò tíì mọ aṣọ, bọ́tìnnì àti àmì hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ yóò yí padà, yóò sì dà bíi pé ẹ yẹhùn. Ìgbà tí wọ́n bá béèrè ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ 14 ni owó náà fi dúró, nítorí ọjà kì í dúró sójú kan. Ẹ ṣírò iṣẹ́ ọlọ́nà tí yóò fi ẹ̀rọ kọ àmì hòtẹ́ẹ̀lì sí àyà ẹ̀wù mọ́ ọn. Owó ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sábà máa ń lé sí i, torí yóò kọ́kọ́ gbé àmì náà sínú ẹ̀rọ.

Fọ́tò méjì tó, kí wọ́n má sì wúwo. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí wọ́n jẹ́. Fọ́tò tí wọ́n kó láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń tú ara rẹ̀ fó lọ́jọ́ tí ẹ bá mú ẹ̀wù gidi dé. Bí àmì hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn bá wà lára aṣọ inú fọ́tò, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára láti fi í ránṣẹ́. Láti ọjọ́ Ẹtì, àríyá àti àlejò ti gba gbogbo ojú wọn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sí i lábẹ́ ìméèlì àkọ́kọ́, kí nǹkan tuntun wà níbẹ̀, bíi fọ́tò ègé aṣọ tí ẹ fọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ẹ̀wù náà dání kí ẹ lọ síbẹ̀. Ní ìlú wa, ojú sábà ń ṣe ohun tí ìméèlì kò lè ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ má kọ̀wé sóun mọ́, ẹ yọ orúkọ rẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà, ọ̀rọ̀ owó ni ó ń dá ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́kun jù. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yóò fún yín ní ìwé àṣẹ ìrajà, wọ́n á ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí aṣọ bá dé làwọn ń sanwó. Ọjọ́ 30 lè di 60. Oníṣòwò Gbági kò ní dúró dè yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí owó tó wọlé ṣáájú ká yáàdì 100, bọ́tìnnì, ṣíìpù àti owó ọlọ́nà, kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín nìkan ni ẹ ó máa dúró de owó rẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́ san iye yẹn, ẹ bá wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mẹ́jọ dípò 24. Bí wọ́n bá kọ ìyẹn náà, ẹ gba ẹ̀wù àyẹ̀wò yín padà kí ẹ fóònù sí hòtẹ́ẹ̀lì tó kàn.