Ìwé fíìmù: ìlà wo ni ta ni ń kà?

(Ọ̀rọ̀ ohùn ádímíìnì, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà kò jẹ́ kí ẹ lè gbọ́ ọ.)

Ọ̀rọ̀ fíìmù kékeré tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ni mo bá dé. Arábìnrin wa tó ń ta bàtà ní Sábọ̀n Gàrí, níbí ní Kánò, ti kọ ìtàn náà, ojú ìwé 14, ìtàn náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 2 péré ni owó tí a dá jọ lè gba kámẹ́rà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá kámẹ́rà kà á tán, ìbéèrè mẹ́ta ló bi wá: ibi mélòó la ó ti yà á? Mélòó nínú rẹ̀ ni alẹ́? Ìṣẹ́jú mélòó ni gbogbo rẹ̀? A ò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀, ojú ìwé fíìmù ló yẹ kí èèyàn ti rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ Kánníwúùdù máa ń yá aṣọ lọ́wọ́ mi. Ìwé fíìmù ni wọ́n máa ń gbé wá kí n fi ka iye aṣọ. Èmi kì í ka gbogbo ìtàn o, ìlà tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó ń tan iná ní ibi tó ń wò, òṣèré ní tirẹ̀. Ẹ fi wé wébíìlì: dírẹ́bà ń wo ibi tó ń lọ, alábàárù ń wo iye àpò. Ìdí nìyẹn tí ìlà kọ̀ọ̀kan fi ní ibi tó ń jókòó.

Ẹ jẹ́ ká mú ìran kan nínú ìwé arábìnrin wa. Ó ti gbà mí láyè. Bó ṣe kọ ọ́ rèé: «Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ráṣí jókòó nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń rántí bó ṣe kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nítorí gbèsè tó jẹ Àlááji. Àlááji wọlé, ó sì parọ́ fún un pé òun ò tíì tajà.»

Ìwé ìtàn nìyẹn. Ẹ tún wo bó ṣe rí nígbà tí a tò ó:

```
INT. ÌSỌ̀ ÌYÁ RÁṢÍ - ALẸ́

Àtùpà kan. Ìwé gbèsè wà ní ṣíṣí lórí tábìlì.

ÌYÁ RÁṢÍ, ẹni 50 ọdún, ń ka owó. Ó kà á tán.
Ó tún un kà. RÁṢÍ, ọmọ 12, ń ká aṣọ.

Ìró ọ̀kadà lóde. Ìyá Ráṣí ki owó bọ abẹ́ ìró.
ÀLÁÁJI wọlé.

                    ÌYÁ RÁṢÍ
          Àlááji, a ò tíì tajà o.
               (sí Ráṣí)
          Gbé àga wá.
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni àkọlé ìran. Ohun mẹ́ta ló ń sọ, kò sì gbọdọ̀ lé: inú ni tàbí ìta, ibo ni, ọ̀sán ni tàbí alẹ́. INT. ni inú, EXT. ni ìta, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn kódà bí ìwé bá jẹ́ Yorùbá. Ẹ má kọ «agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́» síbẹ̀. Ẹni tó ń tan iná kò bèèrè agogo, ó fẹ́ mọ̀ bóyá oòrùn wà tàbí òun máa gbé jẹnẹrétọ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni orúkọ ibi. Arábìnrin wa pe ibì kan náà ní «ìsọ̀ Ìyá Ráṣí», ó tún pè é ní «ṣọ́ọ̀bù», ó tún pè é ní «inú ọjà». Ọ̀gá kámẹ́rà ka ibi mẹ́ta, ó sì ṣírò owó ibi mẹ́ta. Orúkọ tí ẹ bá fún ibì kan ní ojú ìwé kìíní, òun náà ni kó máa jẹ́ títí dé òpin. Bí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn inú ìtàn bá sì jáde sí ojú títì, àkọlé tuntun ni, EXT., kódà bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá tíì parí.

Ìlà ìṣe ló tẹ̀ lé e. Ohun tí kámẹ́rà lè rí àti ohun tí etí lè gbọ́ nìkan ló ń wọ ibẹ̀, bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. «Ó ń rántí Ògbómọ̀ṣọ́», báwo ni wọ́n ṣe máa ya ìyẹn? «Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́», kámẹ́rà ò rí ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka owó lẹ́ẹ̀mejì, a ti mọ̀ pé owó náà kò pé. Ẹni tó ki owó bọ abẹ́ ìró kó tó sọ pé òun ò tajà, kò sídìí láti kọ ọ́ pé ó parọ́. Ní ti Ògbómọ̀ṣọ́, bí ó bá ṣe pàtàkì sí ìtàn, ẹ fi sí ẹnu ẹnì kan. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ ẹni tó ń kọ́kọ́ yọjú, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ìlà ìṣe ju mẹ́ta mẹ́rin lọ kẹ́ ẹ tó fi àyè sílẹ̀.

Àkámọ́ ń bẹ lábẹ́ orúkọ olùsọ̀rọ̀ tàbí láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Arábìnrin wa fi «(pẹ̀lú ìbínú)», «(pẹ̀lú ìbànújẹ́)» sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn òṣèré kì í fẹ́ ẹ, nítorí iṣẹ́ wọn lẹ ń bá wọn ṣe. Ẹ wo ọ̀kan tí a fi sílẹ̀: «(sí Ráṣí)». Bí a bá yọ ọ́, yóò dà bíi pé Àlááji ni Ìyá Ráṣí ń rán ní àga! Àgbàlagbà! Ìyẹn wúlò. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fúnra rẹ̀ sọ pé inú ń bí ẹni, ẹ yọ àkámọ́ kúrò.

Ó ku ìlà ìkọjá, ìyẹn CUT TO: tó ń jókòó ní apá ọ̀tún. Àkọlé ìran tuntun ti sọ fún gbogbo èèyàn pé a ti kúrò níbi tí a wà. Arábìnrin wa ní 18 nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìlà kan àti àyè kan, ìlà 36 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé kan kì í ju bí ìlà 55 lọ. Ó ju ààbọ̀ ojú ìwé lọ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. FADE IN: ní ìbẹ̀rẹ̀ àti FADE OUT. ní òpin ti tó. A fi DISSOLVE TO: kan ṣoṣo sílẹ̀, níbi tí ọdún ti yí láàárín ìran méjì.

Kí ni ààyè ṣe kàn wá? Ojú ìwé kan ni wọ́n ń kà sí bí ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò yẹn kì í jóòótọ́ àfi bí lẹ́tà bá jẹ́ Courier, ìwọ̀n 12, tí ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà láàárín bí mo ṣe fi hàn. Ẹ fi ínǹṣì kan ààbọ̀ sílẹ̀ ní apá òsì, níbi tí wọ́n ti ń lu ihò ìwé. Kódà, ìdíwọ̀n lásán ni: bí ẹ bá kọ «wọ́n jà» ní ìlà kan, ìjà náà lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹ̀yin tó ń fi fóònù kọ ọ́, ẹ wá áàpù tó ń lo Fountain. Bí ìlà yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú INT. tàbí EXT., ó máa sọ ọ́ di àkọlé fúnra rẹ̀, ẹ ò ní fi ọwọ́ ti ọ̀rọ̀ sí àárín.

Lẹ́yìn tí a tún un tò, ojú ìwé 9 ló kù, ibi mẹ́ta, ìran alẹ́ mẹ́rin, gbogbo ìran alẹ́ sì wà nínú ìsọ̀ kan náà. Ọ̀gá kámẹ́rà ní ọjọ́ 2 tó o. Ẹni tó bá ní ìsọ̀ tí a lè lò di aago mẹ́wàá alẹ́, kó pè mí.