Kí Ọ̀gá Tó Buwọ́ Lùwé Àdéhùn

Agbẹjọ́rò sábà máa ń to ìmọ̀ràn rẹ̀ bí ìwé àdéhùn ṣe tò ó, kì í ṣe bí ewu ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń ṣe àkópọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá àgbà ló gbọ́dọ̀ tún un tò.

Ká ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó fẹ́ máa pín ìpara ilé iṣẹ́ òkè òkun kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìmeèlì náà ni: "Ẹ má tíì buwọ́ lù ú, sà."

Ewu kìíní: àdéhùn náà ní wọn kò gbọdọ̀ tún ọjà tà lábẹ́ iye kan. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, fagi lé irú èyí. Àfi kí wọ́n yọ ọ́.

Ìkejì ni pé olùpèsè lè fòpin sí àdéhùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, láìra ọjà tó kù padà. Bí ìpara ogójì mílíọ̀nù náírà bá wà nílé ìkẹ́rùsí, olùpín ló máa jẹ gbèsè rẹ̀. Ìmeèlì náà ní kí wọ́n béèrè àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí olùpèsè sì ra ìyókù padà.

Ìkẹta kéré: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti máa parí aáwọ̀, ìyẹn sì wọ́n.

Bí agbẹjọ́rò bá kọ "ó ṣeé ṣe", àkópọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di "dandan ni".