Bí ọmọ bá ń fi fóònù ya iṣẹ́ àṣetiléwá: lẹ́tà ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sí àwọn òbí

Ẹ̀yin òbí wa,

Ọ̀rọ̀ áàpù tó ń ya àwòrán ìṣirò, tó sì ń gbé ìdáhùn jáde, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Photomath ni èyí tí àwọn ọmọ SS1 wa mọ̀ jù. Láti ọdún 2014 ló ti wà, Google ló sì ni ín báyìí. A kò ní kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ ibi tí áàpù náà ti máa ń ṣìnà.

Bí ọmọ bá gbé kámẹ́rà sórí ìwé, áàpù yóò kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú àwòrán, lẹ́yìn náà ni yóò ṣírò ohun tó kà. Ṣíṣírò kì í sábà dà á láàmú. Kíkà ni kí ẹ máa ṣọ́, pàápàá tó bá jẹ́ ìwé tí ọmọ fọwọ́ kọ, tàbí tí iná yàrá kò mọ́lẹ̀ tó.

Ẹ wo ìṣirò yìí: x² − 5x + 6 = 0. Ìdáhùn méjì ló ní, 2 àti 3. Bí ọmọ bá kọ 2 kékeré orí x tóbi jù, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, áàpù lè kà á sí ìlọ́po méjì x. Yóò wá ṣe 2x − 5x + 6 = 0, yóò sì mú 2 nìkan jáde. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bí ọmọ bá fi 2 yẹn dán ìṣirò inú ìwé rẹ̀ wò, yóò bá a mu: 4 − 10 + 6, òdo ni. Ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ pé ìṣirò tó ní x² sábà máa ń ní ìdáhùn méjì ló máa béèrè pé, èkejì dà? Nítorí náà, kí ọmọ kọ́kọ́ fi ohun tí áàpù kọ sójú fóònù wé ohun tó wà nínú ìwé, kó tó wo ìdáhùn rárá.

Ètò tí àwọn olùkọ́ ìṣirò wa fẹnu kò sí nìyí. Ọmọ yóò kọ́kọ́ fi bírò gbìyànjú, kó tó ya àwòrán kankan. Tó bá ti fi áàpù rí ibi tó ti kùnà, kó gbé fóònù sílẹ̀, kó tún iṣẹ́ náà ṣe látòkèdélẹ̀, kó sì ṣe òmíràn tó jọ ọ́, bíi x² − 7x + 12 = 0. Ìdáhùn tiẹ̀ ni 3 àti 4. Kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà pé òun lo áàpù. A kò ní yọ máàkì rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ka ìṣirò jìnnà, ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá agbára yín. Ẹ nawọ́ sí ìlà kan nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ bi í pé, “Báwo lo ṣe dé ibí?” Ọmọ tó ṣe é fúnra rẹ̀ á rí nǹkan sọ, kódà kó máa ta kókó lẹ́nu. Ẹni tó dà á kọ, ìlà yẹn náà ló máa kà padà fún yín.

WAEC kì í gba fóònù láyè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ìgbésẹ̀ tí ọmọ gbà dé ìdáhùn sì ní máàkì tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ ètò yìí lálẹ́ òní.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́