Epo Tchaada: ṣé ọjọ́ tí owó wọlé la ó kọ sílẹ̀ ni, àbí ọjọ́ tí ọjà jáde?

Gbogbo ará Tchaada ló mọ àsìkò tí ẹyìn máa ń pọ̀. Epo á kún ọjà, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Àwọn ìyá tí owó bá wà lọ́wọ́ wọn á rà á, wọ́n á rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, wọ́n á tì í mọ́ yàrá títí di ìgbà tí epo bá wọ́n. Òwò yìí kò ṣàjèjì ní agbègbè Ifangni.

Ṣùgbọ́n ẹ ó rí ẹni tó ta gbogbo epo rẹ̀ tán, tí owó rẹpẹtẹ wọlé, síbẹ̀ tí àsìkò ẹyìn tún dé, tí kò sì rí owó tó fi ra iye kẹ́ẹ̀gì tó rà lọ́dún tó kọjá. Olè kò jà á. Ọ̀nà tó ń gbà kọ ìwé ọjà rẹ̀ ló tàn án jẹ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe ìṣirò òwò. Àkọ́kọ́ ni ká kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìṣirò ọjọ́ owó. Ìkejì ni ká kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà bá jáde, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti sanwó tàbí wọn kò tíì san án, ká sì yọ iye tí a fi ra ọjà náà gan-an kúrò nínú iye tí a tà á. Ìyẹn ni ìṣirò ọjọ́ ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá elépo kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó tí a fẹ́ kọ yìí, àwa la fi sí i kí ìṣirò lè rọrùn, kì í ṣe iye tí epo ń lọ lọ́jà lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà, ìyá yìí ní 700,000 fráǹkì. Ó ra kẹ́ẹ̀gì epo 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan 15,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600,000. Ó san owó yàrá oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 30,000. Nínú oṣù náà, ó ta kẹ́ẹ̀gì 10 ní 17,000, wọ́n sì san 170,000 fún un lójú ẹsẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan láti Ìdí-Ìrókò tún kó kẹ́ẹ̀gì 10 láwìn ní 18,000, ó ní òun á san 180,000 náà ní oṣù Èbìbí.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ owó ló ń kọ, ohun tí ìwé rẹ̀ máa sọ ní ìparí Ẹrẹ́nà ni pé 170,000 wọlé, 630,000 jáde. Àdánù 460,000! Ẹni tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè fi ìbẹ̀rù ta epo tó kù ní ọ̀pọ̀.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà ló kọ, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Kẹ́ẹ̀gì 20 ló jáde, owó wọn lápapọ̀ jẹ́ 350,000. Iye tó fi ra 20 yẹn jẹ́ 300,000. Owó yàrá tó kan oṣù kan péré jẹ́ 5,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ 45,000. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò: 240,000 wà nínú àpótí, epo tó kù jẹ́ 300,000, àwìn tó wà níta jẹ́ 180,000, owó yàrá oṣù márùn-ún tó ti san sílẹ̀ jẹ́ 25,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 745,000 ni. 700,000 ló fi bẹ̀rẹ̀, 45,000 ló sì lé.

Oṣù Ògún ni ewu gidi wà. Epo ti wọ́n, ó ta kẹ́ẹ̀gì 20 tó kù ní 24,000, 480,000 sì wọlé lóòjọ́. Kò ra nǹkan kan lóṣù náà. Ìṣirò ọjọ́ owó á ní 480,000 ni èrè. Irọ́ ni. 300,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ojú owó tó fi ra epo náà ní Ẹrẹ́nà. Tí a bá yọ ọ́, tí a tún yọ 5,000 owó yàrá, 175,000 ló kù. Ẹni tó bá fi 400,000 ṣe ìnáwó tàbí kan páànù ilé, tó rò pé èrè lòun ná, ojú owó ló ti ń jẹ, kò sì ní mọ̀ títí ẹyìn á fi tún pọ́n.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ọjọ́ ọjà náà ní irọ́ tirẹ̀. Èrè 45,000 ti oṣù Ẹrẹ́nà yẹn, orí ìwé ló wà. Tí ẹni tó kó epo láwìn bá san 100,000 péré tó sì sá lọ pẹ̀lú 80,000, èrè ti di àdánù 35,000. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ ìwé í fi máa ń yẹ àwìn wò lóṣooṣù: èyí tó bá ti pẹ́ kọjá àdéhùn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú èrè kó tó di pé ó bà wọ́n lójijì. Àwìn tí wọ́n bá fi náírà dá tún léwu jù. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù 2023, iye náírà tí wọ́n jẹ wá kò yí padà, ṣùgbọ́n fráǹkì tí a rí ṣẹ́ nínú rẹ̀ dín kù gan-an. Nǹkan míràn ni pé èrè orí ìwé kò lè san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń kọ ọjọ́ ọjà gbọ́dọ̀ ṣì máa ka àpótí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo òwò ni wàhálà yìí kàn. Alákàrà tó ra ẹ̀wà láàárọ̀, tó tà á tán kó tó di ọ̀sán, tí kò tàwìn, ọ̀nà méjèèjì á fún un ní èsì kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́kadà tó ń gba owó lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó máa rántí pé ọ̀kadà ń gbó lójoojúmọ́. Ìṣirò ọjọ́ owó tó fún irú wọn. Àmọ́ tí ọjà bá ti ń sùn nílé, tí àwìn bá ń jáde tàbí tí a ń ràwìn, tàbí tí a yáwó, ìṣirò ọjọ́ owó nìkan kò tó mọ́. Owó tí a yá wọ àpótí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà la tà.

Òfin náà mọ èyí. Àjọ OHADA, tí orílẹ̀-èdè Benin wà nínú rẹ̀, ṣe òfin ìṣirò tuntun ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2018. Ó gba oníṣòwò tí gbogbo ọjà tó ń tà lọ́dún kò tó 60 mílíọ̀nù fráǹkì láàyè láti máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde nìkan, nínú ìwé tó rọrùn tí àwọn oníṣirò ń pè ní SMT. Ṣùgbọ́n tí ọdún bá parí, òfin yìí kan náà ní kó ka ọjà tó kù, àwìn tó wà níta àti gbèsè tó jẹ, kó fi wọ́n tún èrè rẹ̀ ṣe.

Fún elépo, ọdún ti jìnnà jù. Lójú tiwa, ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ní ojú ewé mẹ́ta tó: ọ̀kan fún owó, ọ̀kan fún àwìn àti gbèsè, ọ̀kan fún kẹ́ẹ̀gì. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹ ṣílẹ̀kùn yàrá, kí ẹ ka kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fi iye tí ẹ rà á sọ ọ́ di owó, kì í ṣe iye tí ẹ rò pé ẹ máa tà á. Ẹ ro ó mọ́ owó àpótí àti àwìn tó dá yín lójú, kí ẹ yọ gbèsè tí ẹ jẹ kúrò. Tó bá ju ti oṣù tó kọjá lọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ro owó tí ẹ mú lọ sílé mọ́ ọn, èrè nìyẹn. Tó bá sì dín, ẹ wo ojú ewé àwìn lákọ̀ọ́kọ́.