Ogójì Irúgbìn Ẹ̀wà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbin ogójì irúgbìn ẹ̀wà. Ó po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó gbin ogún sí, ó sì gbin ogún yòókù sínú iyẹ̀pẹ̀ lásán. Níbi tí ìgbẹ́ adìẹ wà, 14 ló hù; níbi tí kò sí, 11 ló hù. Ó ṣírò p, ó rí 0.33. Ó wá kọ ọ́ pé: "Níwọ̀n ìgbà tí p ti ju 0.05 lọ, àbá òdo ti di òtítọ́. Ìgbẹ́ adìẹ kò ṣe nǹkan kan fún ẹ̀wà."

Àbá òdo ni àbá pé kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ohun tí p sì ń sọ ni pé, ká ní lóòótọ́ ni ìyàtọ̀ kò sí, nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún tí a bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí ìgbà 33 ni kòńgẹ́ lásán máa mú irú ìyàtọ̀ yìí wá, tàbí èyí tó jù ú lọ.

"Ọmọ mi," ni olùkọ́ rẹ̀ fèsì, "o ti gba àbá náà gbọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Báwo ni ìṣirò náà ṣe máa tún padà wá jẹ́rìí sí i?"

"Ṣùgbọ́n mà, ẹ̀yin náà rí i pé p pọ̀."

Ìyá náà fa bébà mọ́ra, ó ṣírò ibi tí ìyàtọ̀ tòótọ́ lè wà. Ìgbẹ́ adìẹ lè dín irúgbìn tó ń hù kù ní 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sì lè fi 45 lé e. Òdo wà láàárín wọn lóòótọ́, àmọ́ 30 náà wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wo ni kò ní fẹ́ ọgbọ̀n? Ó tún kọ nǹkan mìíràn: ká ní igba irúgbìn ló gbìn sí apá kọ̀ọ̀kan, tí 140 hù níbì kan, tí 110 hù níbì kejì, p máa já sí nǹkan bí 0.002. Ìdá tó hù kò yí padà rárá. Iye irúgbìn nìkan ló pọ̀ sí i.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ẹ̀wà nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà ń dán sitirẹpitokínéèsì wò, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọkàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdánwò náà kéré, p wọn sì pọ̀. Ní 1986, àwọn dókítà ilẹ̀ Ítálì gbé àbájáde ìdánwò tí wọ́n fi aláìsàn tó lé ní 11,000 ṣe jáde. Láàárín ọjọ́ 21, nínú ẹgbẹ̀rún tí kò gba oògùn náà, nǹkan bí 130 ló kú; nínú ẹgbẹ̀rún tó gbà á, 107. Ẹ̀mí 23 nínú ẹgbẹ̀rún kì í ṣe òdo.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìyàtọ̀ kò sí níláárí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, kó tó gbin ohunkóhun, ìyàtọ̀ tó kéré débi tí kò já mọ́ nǹkan, bóyá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni yóò gbin irúgbìn tó pọ̀ tó láti rí i bóyá gbogbo ibi tí ìyàtọ̀ lè wà kò kọjá ibẹ̀. Ogójì irúgbìn kò lè ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fa igi lé gbólóhùn rẹ̀, ó kọ òmíràn: "Irúgbìn tí mo gbìn kò tó láti fi mọ̀ bóyá ìgbẹ́ adìẹ ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́." Olùkọ́ rẹ̀ sì fọwọ́ sí i.